Òróró Tó Ta, Owó Tí Kò San

Owó oṣù méjì. Iye tí Ọ̀gá Kíákíá ní kí Ìyá Táwẹ̀lì san nìyẹn. Owó ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, owó òróró tó dànù wà nínú rẹ̀, owó ẹja tó jóná àti ti ẹja tó rọ̀ bí àkísà wà nínú rẹ̀. Ó tún fi ti aṣọ ìdáná mẹ́ta kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ìdáná kan ṣoṣo ni òróró bà jẹ́. Ó ní òun kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kan, òun á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ títí á fi tán. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣoore.

Ìyá Táwẹ̀lì ń nu ọwọ́ nígbà tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀. Ó nu àtàǹpàkò, ó nu àárín ìka, ó ká táwẹ̀lì sí méjì, ó gbé e lé èjìká, ó wá dáhùn.

"Ọkọ mi, mo gbọ́ iye tí ẹ pè. Mi ò ní san."

"Ẹ ò ní san títí di ìgbà wo?"

"Mi ò ní san ni mo wí. Kò ní ìgbà nínú."

Ẹni tí kò bá mọ ìdílé wọn á rò pé àfojúdi ni. Ọ̀gá Kíákíá ló gba iṣẹ́ oúnjẹ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páálí náà, òun ló ń sanwó, òun ló ń gbani síṣẹ́, òun náà ló ń lé ni. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ Ìyá Táwẹ̀lì ni. Nígbà tí obìnrin yìí wọ ilé wọn, ọmọ iléèwé tí bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í pé ni ọ̀gá yìí, ìyàwó tuntun ló sì ń bá a rán an. Bí ìyàwó ilé ti ń ṣe, ó ń pè é ní "ọkọ mi", kò sì fi "ẹ" dù ú láti ọjọ́ náà. Òun náà ń pè é ní "ìyàwó wa". Ní ibi iṣẹ́, ìyàwó wa ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ní ilé, ọkọ mi ń gba ẹran àfikún lọ́wọ́ ìyàwó wa. Ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọn kò jà ju ìjà iyọ̀ lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ló fún àwọn méjèèjì lórúkọ. Wọ́n ń pe ọ̀gá ní Kíákíá, nítorí ó máa ń sọ "kíákíá" kí ó tó rántí ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ti Ìyá Táwẹ̀lì, ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Kò sí ẹja tó wọ inú òróró rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ gba ìnura bí ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Á tẹ́ táwẹ̀lì sórí tábìlì, á to ẹja lé e, á fi òmíràn bò wọ́n, á tẹ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á yí wọn padà, á nu inú ikùn wọn, á nu abẹ́ ìyẹ́ wọn. Ọ̀dùnkún tó bá gé kò bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń kó páálí máa ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á ní ó ku kí ó fi pọ́dà pa á kó tó di pé ó gbé e pọ̀n.

Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ àwọn táwẹ̀lì náà ń náni lówó, ọ̀gá sì máa ń ráhùn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìṣirò mọ̀ pé ọṣẹ kò wọ́n tó awọ ara.

Ìyá Táwẹ̀lì mọ iye tí awọ ara ń ná ni. Ibi tó ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ dídín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ kan, ìyá tó ni ìsọ̀ ibẹ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó fi ń mọ̀ bóyá òróró ti gbóná. Á ti ìka bọ omi, á wọ́n ọn sínú agbada, gbogbo ọmọ iṣẹ́ á sì sá. Tí òróró bá pariwo, ó ti gbóná nìyẹn. Tí kò bá pariwo, á tún wọ́n òmíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Táwẹ̀lì kò tètè sá. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀, ó rí róbótó bí ẹ̀wà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pinnu pé omi kò ní ṣe oníṣẹ́ láàárín òun àti òróró mọ́. Omi wúwo ju òróró lọ. Tó bá bọ́ sínú èyí tó gbóná, ó ń rì lọ sísàlẹ̀, ooru á sọ ọ́ di oru lójú ẹsẹ̀, oru náà á wá ọ̀nà jáde, tó bá sì ń jáde, kì í dá nìkan jáde. Á gbé òróró dání.

Nítorí náà, igi gbígbẹ ló fi ń dán an wò. Apá kan èèkù ṣíbí igi tó kán ni, ó gùn tó apá ẹni láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, òróró ọdún púpọ̀ ti sọ ọ́ di dúdú. Orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló ń gbé, níbi tó jìnnà sí ẹ̀rọ omi. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Pépà ló fi ń nù ún. Kí ó tó fi igi bọ òróró rárá, ojú ló kọ́kọ́ ń fi wò ó. Òróró tó tutù máa ń wúwo, tí o bá mi agbada díẹ̀, á máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Bó ṣe ń gbóná, ara rẹ̀ á fúyẹ́, á máa sáré bí omi, ojú rẹ̀ á sì máa mì bí ojú odò tí atẹ́gùn fẹ́ kọjá. Ìgbà yẹn ni igi á wọlé. Bí igi bá dákẹ́, kò ì tó. Bí èéhó díẹ̀ bá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ̀lẹ, ó kù díẹ̀. Bí èéhó wẹ́wẹ́ bá yí igi ká, tí wọ́n ń gòkè láì dúró, láì sì bínú, àsìkò dé. Bí ó bá ń hó yàà bí ẹni tí wọ́n jà lólè, ó ti pọ̀ jù, kí wọ́n dín iná kù. Lẹ́yìn igi, á ju èérún búrẹ́dì kan sí i, ó ní ẹlẹ́rìí kejì nìyẹn. Búrẹ́dì tó rì tó sì jókòó síbẹ̀ ń sọ pé kí o dúró. Èyí tó lefòó lójú ẹsẹ̀ tó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ ń sọ pé kí o máa bọ̀. Èyí tó dúdú kí o tó ṣẹ́jú ń sọ pé kí o sá. Ti èéfín, kò sí ẹjọ́ nínú rẹ̀ rárá: òróró tó bá ti ń rú èéfín ti kọjá ààlà, kí wọ́n pa iná ni, kí wọ́n má sì fi ohunkóhun sí i.

Ó tún ní òfin pé agbada kì í kún ju ìlàjì lọ, nítorí òróró máa ń wú tí ẹja bá wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ sí i. Kí ọwọ́ sún mọ́ ojú òróró, kí ẹja rọra yọ̀ wọlé, kí ìrù rẹ̀ ṣubú sí apá ibi tí ẹni náà kò sí.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ páálí gba iṣẹ́ ńlá, àwọn tí wọ́n á jẹun ọ̀sán sì di ìlọ́po. Ẹja pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó sì dé, ó dì gbagidi, yìnyín funfun bò ó lára. Ìyá Táwẹ̀lì tẹ́ wọn sínú àwọn àtẹ kí wọ́n lè yọ́, ó gbé òróró kaná, ó fi iná sí kékeré. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí i pé kí ó lọ sẹ́nu géètì, onígáàsì ń pariwo pé sílíńdà kan kò padà, ìyàwó wa ló sì mọ iye tó wọlé. Ó lọ. Kó tó lọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iná òun.

Ọ̀gá Kíákíá wo aago ara ògiri. Ó wo ẹja. Ó wo òróró tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ti rí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí nígbà púpọ̀, ó sì gbà pé òun mọ̀ ọ́n. Ó na ọwọ́ sí ara fèrèsé, ó mú igi náà, ó tì í bọ inú agbada. Lójú ẹsẹ̀, èéhó bo igi náà bí ìgbà tí ọṣẹ ń hó.

"Ó ti tó," ni ọ̀gá wí.

Kò tó. Omi tó wà nínú igi náà ló ń hó. Igi tó bá mu omi á máa yọ èéhó nígbà tí òróró kò tíì gbóná débi tó lè sọ èèpo ọ̀dùnkún di pípọ́n. Ọ̀gá da ẹja bíi mélòó kan sí i. Ẹja náà dákẹ́. Wọ́n rì, wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí agbada, wọ́n ń mu òróró bí ẹni tó gbààwẹ̀. Inú bí i. Ó yí iná sókè títí ó fi dé òpin. Nítorí pé ẹja ṣì pọ̀ nílẹ̀, ó da òróró kún òróró títí agbada fi kù díẹ̀ kó kún dé etí. Ó kó àwọn ẹja tó rọ̀ jáde. Kò wo ojú òróró mọ́, àtẹ ẹja ló ń wò. Nígbà tó fi máa yíjú padà, èéfín tín-ínrín ti ń yọ, ó sì rò pé òórùn oúnjẹ lásán ni. Ó gbé àtẹ odindi, tẹja tòun ti yìnyín, ó dà á sínú agbada lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ tuntun ya. Òróró dìde. Ọ̀gá fò sẹ́yìn, nǹkan kan kò ṣe é ju bàtà rẹ̀ lọ. Obìnrin tó ń fọ abọ́ ló ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ìmọ́tótó ni wọ́n ń pe obìnrin yìí, nítorí wọ́n ní ó lè fọ ọṣẹ fúnra rẹ̀. Ó gbé apá bojú. Ojú bọ́, apá kò bọ́.

Láti ẹnu géètì ni Ìyá Táwẹ̀lì ti gbọ́ ìró náà, kò sì dúró bá onígáàsì parí ọ̀rọ̀. Nígbà tó wọlé, òróró ti ṣàn kọjá etí agbada, iná ti gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnì kan sì ti gbé korobá omi sókè. Ó fi èjìká gbá korobá náà dànù sí ẹnu ọ̀nà. Ó pa gáàsì láti ẹnu sílíńdà, ó mú ìdérí ńlá, ó tì í láti ẹ̀gbẹ́ bo agbada, iná náà sì kú nítorí kò rí afẹ́fẹ́ fà mọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé agbada kúrò lójú kan. Ó wá fa Ìmọ́tótó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi apá rẹ̀ sábẹ́ omi tó ń ṣàn, ó sì dì í mú síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹnì kan mú ọṣẹ ìfọyín wá, òmíràn ní kí wọ́n fi iyọ̀ sí i. Ó lé àwọn méjèèjì. Omi tútù ló ní òun fẹ́, lẹ́yìn náà dókítà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, owó rẹ̀ ni wọ́n ní kí ó san. Ọ̀gá ní iná rẹ̀ ni, ó sì fi iná sílẹ̀. Ìyá Táwẹ̀lì ní ta ló rán òun níṣẹ́. Ọ̀gá ní ohun tó wà nílẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìyá Táwẹ̀lì ní ohun tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn, ọwọ́ tó da yìnyín sínú òróró ni kí ó lọ sí àpò.

Nígbà tó lọ kí Ìmọ́tótó nílé, ó bá a lórí ibùsùn, apá rẹ̀ wà nínú báńdéèjì funfun láti ìka dé ìgúnpá. Ó gbé ọsàn tó rà sílẹ̀, wọ́n kíra wọn. Obìnrin náà kò jẹ́ kó jókòó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo fọ igi yín."

Ìyá Táwẹ̀lì kò ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Nígbà tó ń tún ilé ìdáná ṣe lọ́jọ́ yẹn, ó ti gbé igi náà, ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ń rùn bí ọṣẹ.

"Ó dúdú ni," ni Ìmọ́tótó wí. "Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ mọ́jú. Mo fẹ́ ṣe yín lóore."

"Mo mọ̀. Ta ni o ti sọ ọ́ fún?"

"Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Mo fẹ́ lọ bá ọ̀gá, kí ó lè fi yín sílẹ̀."

"O ò ní lọ ibì kankan. Gbọ́ mi, àbúrò mi. Èèyàn tó ń wá orí tí yóò gbé ẹrù lé ni ọ̀gá báyìí. Tó bá gbọ́ pé o fọ igi, á gbé e kúrò lórí mi, á gbé e lé ọ lórí pẹ̀lú báńdéèjì yẹn. Igi kọ́ ló da ẹja sínú òróró. Igi kọ́ ló bu òróró kún etí agbada. Èmi ni mo sọ fún ẹ pé kí o má fọwọ́ kàn án, mi ò sọ ìdí. Ìyẹn tèmi. Ìyókù ti ọ̀gá ni. Pa ẹnu dé."

Ìmọ́tótó pa ẹnu dé. Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan méjì ni Ìyá Táwẹ̀lì kọ̀ láti ṣe: kò ní san, kò sì ní sọ.

Nílé, ọkọ rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Télọ̀ ni, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan ní ìrán tó mọ́. Ó ní owó ni, owó sì ń tún wá, àbúrò òun kan ṣoṣo ni Kíákíá. Ó ní tí kò bá lè san án, òun á ta ẹ̀rọ kan, òun á san án fún un ní ìkọ̀kọ̀, ilé á sì tòrò.

"Bàbá ọmọ mi, tí ẹ bá san án, èmi ni mo san án," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹni tó bá san owó apá Ìmọ́tótó ti jẹ́wọ́ pé òun ló jó apá Ìmọ́tótó. Láti ìgbà tí mo ti ń dín nǹkan, òróró tèmi kò tíì jó ẹnì kankan. Èmi nìkan ni òróró jó, ti ẹlòmíràn ni, ẹ wo àpá rẹ̀. Tí orúkọ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún ní? Ẹ má ta ẹ̀rọ yín."

Ọkọ rẹ̀ wo àpá náà bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò tún bá a sọ ọ́.

Ọ̀gá yọ ọ́ kúrò nídìí iná, ó ní kí ó lọ máa bó ọ̀dùnkún lẹ́yìn ilé. Ó lọ. Ó ń bó o, ó ń gé e, ó sì ń nù ún, ẹni tó fẹ́ bínú kó bínú. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n fún un ní àpòòwé. Ó kà á lójú ọ̀gá, kò pé. Ó dá a padà sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ títí á fi pé."

"Ìyàwó wa, ebi á pa yín o."

"Ẹni tó ń bó ọ̀dùnkún kọ́ ni ebi ń pa, ọkọ mi."

Owó náà wà lórí tábìlì, wọ́n gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Ká ṣírò rẹ̀ bó ṣe yẹ: ẹni tó ń bèèrè gbèsè ti di ẹni tó jẹ gbèsè. Ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn.

Ẹni tí wọ́n gbà sídìí iná jẹ́ ọkùnrin kan tó sanra, tó fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀. Dúró-lókèèrè ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó wọ aṣọ òjò lórí aṣọ, ó wọ awò dúdú sójú, ó wá dúró jìnnà sí agbada, ó ń ju ẹja bí ẹni ń ju òkò lu mángòrò. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sá fún ló ń pè. Ẹja tí wọ́n bá jù láti òkèèrè á gbá òróró sókè ju èyí tí wọ́n rọra yọ̀ wọlé lọ, pàápàá tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Òróró balẹ̀ sórí ògiri, ó balẹ̀ sára fèrèsé, ó balẹ̀ sínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Obìnrin tó ń se ìrẹsì kó ìkòkò rẹ̀ lọ sí òpin ilé. Ìmọ́tótó, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú apá tó ń bó, kọ̀ láti kọjá nítòsí iná náà. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà lọ síbi ẹ̀rọ omi, àní nígbà tí òjò ń rọ̀.

Ẹja náà dúdú lóde, ó pupa nínú. Tí wọ́n bá kìlọ̀ fún Dúró-lókèèrè, á dín iná kù jù, ẹja á wá máa kán òróró sára aṣọ àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ páálí fi ẹja tirẹ̀ pa ojú bàtà, ó ní ó dán ju pọ́líìṣì lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Ọ̀gá Kíákíá, ó sọ fún un pé tí oúnjẹ kò bá yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun mọ ẹlòmíràn tó ń fẹ́ iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, òróró ta wọ ọrùn Dúró-lókèèrè láàárín aṣọ òjò àti fìlà. Kò jó o púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tó o. Ó bọ́ aṣọ òjò, ó fi kọ́ ara ilẹ̀kùn, ó lọ. Ọ̀sán sì ti ń bọ̀.

Ọ̀gá Kíákíá gba ẹ̀yìn ilé wá. Ìyá Táwẹ̀lì jókòó sórí àpótí, èèpo ọ̀dùnkún yí i ká. Ọ̀gá ní oòrùn mú. Ó ní ẹbí ni ẹbí ń jẹ́. Ó ní òun ti rò ó, kí ìyàwó wa san ìdajì, kí ó padà sídìí iná, kí wọ́n gbàgbé ìyókù.

"Mi ò ní san ìdajì."

"Ìdá kan nínú mẹ́rin ńkọ́? Kí ojú má baà tì mí."

"Ọkọ mi, ojú yín ni ẹ ń tọ́jú, èmi náà ń tọ́jú tèmi. Tí mo bá san kọ́bọ̀ kan, mo ti san gbogbo ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí n padà sídìí iná?"

"Ìdí tí mo ṣe dúró sínú oòrùn nìyẹn."

"Owó oṣù mi á kọ́kọ́ pé. Ẹja á máa jáde nínú firíìsà sí ibi tó tutù láti àná, kó yọ́ kí n tó dé. Tí ẹ bá rán mi níṣẹ́, màá pa iná kí n tó lọ, ẹni tó bá sì tàn án, òun ló ni ín. Àti ẹ̀yin náà o."

Ìmọ́tótó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé àwo dání, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó dára pa ọwọ́ kejì mọ́ra.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́..."

"Ìmọ́tótó," ni Ìyá Táwẹ̀lì wí, kò tilẹ̀ yíjú sí i, "bá mi kó àwọn táwẹ̀lì gbígbẹ tó wà lórí okùn wá. Gbogbo wọn."

Obìnrin náà wo ọ̀gá, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì lọ sídìí okùn.

Ọ̀gá wọlé. Wọ́n gbọ́ nígbà tó ń fa dúrọ́ọ̀. Ó padà wá pẹ̀lú àpòòwé náà, ó ka owó kún un, ó sì nà án sí i láì wo ojú rẹ̀. Ìyá Táwẹ̀lì kà á. Ó pé. Ó ti àpòòwé bọ abẹ́ ìró, ó nu ọwọ́, ó dìde.

Nílé ìdáná, òróró tí Dúró-lókèèrè fi sílẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn. Ó ní kí wọ́n gbé e kúrò nígbà tó bá tutù, agbada mìíràn ni òun á lò. Ó nu inú agbada náà gbẹ, ó da òróró tuntun sí i, kò dé ìlàjì, ó tan iná sí àárín méjì. Ó nu ẹja. Òde ti ń kún fún àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀gá ń wo aago, ọ̀rọ̀ "kíákíá" ti dé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ìyá Táwẹ̀lì ń nu ẹja. Ó wo ojú òróró, ó mi agbada díẹ̀, kò lo igi tó ti mu omi mọ́, ó tún dúró. Èérún búrẹ́dì tó jù sí i rì, ó dìde tìkọ̀tìkọ̀. Ó dúró. Èkejì lefòó lójú ẹsẹ̀, ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó mú ẹja àkọ́kọ́ ní ìrù, ó gbé e sún mọ́ ojú òróró gan-an, ó jẹ́ kó rọra yọ̀ wọlé. Òróró náà kùn sẹ́sẹ́, kò fò, kò ta. Obìnrin tó ń se ìrẹsì gbé ìkòkò rẹ̀ padà sáàyè rẹ̀. Ìmọ́tótó gba ẹ̀yìn agbada kọjá pẹ̀lú àwo, kò gba ẹ̀yìn ilé.

Ọ̀gá Kíákíá kò lè fi bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yí padà lẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo ilé ìdáná lè gbọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé. Owó oṣù méjì yẹn ṣì wà lọ́rùn yín o."

Ìyá Táwẹ̀lì jẹ́ kí ẹja kejì yọ̀ wọ inú òróró.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ọkọ mi. Ọrùn mi gbà á."